Àkàbà Bọ́ǹdù Tí Àbúrò Mi Tú Palẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lójú oorun báyìí tó ní kí n ṣàlàyé bọ́ǹdù, màá ṣàlàyé rẹ̀ láì kọsẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ́ni. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìmọ̀ owó ní Ọ̀jọ́. Èmi ni mo rán an níwèé. Ará Èkìtì ni wá, ẹ sì mọ bí a ti rí: ẹlòmíràn a ta oko kó lè rán ọmọ níwèé. Èmi ò ní oko tí màá tà. Owó oṣù olùkọ́ ni mo fi rán an, èmi ń mu gààrí, òun ń jẹ ìrẹsì nílé ìwé, mi ò sì ka ìyẹn sí ìyà nígbà náà.

Olúwa ò fún mi lọ́mọ. Ọkọ mi ti di olóògbé, ilé kékeré tí mò ń gbé ní ẹ́sítéètì Ìbà ló fi sílẹ̀ fún mi, àwọn ẹbí rẹ̀ kì í sì í rántí mi àfi tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti fẹ́ ta ilé náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àbúrò mi ni ọmọ bíbí inú mi. Mi ò já wọn nírọ́. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n pe ọ̀mọ̀wé ní ọmọ òun?

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì tí owó mi jáde, gbogbo ayé ló di olùdámọ̀ràn. Ẹnìkan ní kí n ra kẹ̀kẹ́ Maruwa méjì kí wọ́n máa fi gbé èrò láti Ìbà lọ sí Okokomaiko. Ẹnìkan ní ilẹ̀ ń bẹ ní Ìjànìkín, kí n sáré rà á kó tó gbówó lórí. Obìnrin kan tí a jọ ń kọrin ní kí n wá bá òun dá òwò omi inú ọ̀rá sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn mi. Ohun méjì péré ni mo fẹ́. Èkíní, kí owó máa wọlé ní oṣooṣù, kí n má nawọ́ sí ẹnikẹ́ni títí Ọlọ́run á fi pè mí. Èkejì ni orúnkún ọ̀tún mi. Dókítà eegun ti wò ó, ó ní ó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, pé tó bá fi máa tó ọdún díẹ̀ sí i, àfi kí àwọn yọ ọ́ kí wọ́n fi irin sí i, pé owó ńlá ni. Ó ní kí n máa múra sílẹ̀. Bí n kò bá ṣe é, ó ní màá jókòó sójú kan ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì fún àbúrò mi. Ó wá lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, ó jẹun tán, ó ní kí n bá òun jáde sẹ́yìnkùlé. Àkàbà tí káfíńtà fi ṣiṣẹ́ lórí tánkì omi mi ṣì fara ti ògiri níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé igi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó ní bọ́ǹdù ìjọba kò le. Èèyàn ló máa yá ìjọba lówó. Ìjọba máa san èlé fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, iye kan náà tí wọ́n bá a ṣàdéhùn, títí di ọjọ́ tó máa pé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á dá ojú owó rẹ̀, ìyẹn iye tó yá wọn gan-an, padà fún un. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èlé ọjà kì í dúró sójú kan. Bí èèyàn bá kó gbogbo owó rẹ̀ sí bọ́ǹdù ọdún gbọọrọ kan ṣoṣo, tí èlé wá gòkè lọ́jà, ó há sínú èlé àtijọ́ nìyẹn. Tó bá sì fẹ́ tà á kó tó pé, ní ẹ̀dínwó ni yóò tà á, nítorí ta ni yóò ra èyí tó ń san owó kékeré nígbà tí tuntun tó ń san owó ńlá wà ńlẹ̀? Bí ọjọ́ tó máa pé bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dínwó náà ṣe máa pọ̀ tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé èyí tó tètè ń pé nìkan lèèyàn kó gbogbo owó sí, tí èlé wá já wálẹ̀, gbogbo owó náà ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà tí yóò bá èlé burúkú pàdé.

Ó wá fọwọ́ gba àwọn igi àkàbà náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ní kí a pín owó mi sí méje. Èyí àkọ́kọ́ á pé láàárín ọdún mélòó kan, ìkejì á pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dórí èkeje. Lọ́dún tí ọ̀kan bá pé, màá mú ohun tí mo fẹ́ mú nínú rẹ̀, màá fi ìyókù ra òmíràn sórí àkàbà lókè. Bí èlé bá gòkè, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé á lọ gba èlé tuntun. Bí èlé bá já, àwọn tó kù á ṣì máa san èlé àtijọ́. Kò sí ọdún tí ọwọ́ mi yóò gbẹ, kò sì sí ìdí tí màá fi ta ìkankan ní ẹ̀dínwó. Ó tún mú àwọn bọ́ǹdù tí oṣù èlé wọn kò papọ̀, ọ̀kan ń san ní January àti July, òmíràn ní February àti August, kí nǹkan lè máa kán sọ́wọ́ mi kárí ọdún. Ó ní orúnkún mi ni ìpele àkọ́kọ́ máa ṣe. Mo dì mọ́ ọn níbẹ̀. Mo sọ fún un pé owó ilé ìwé tí mo san kò ṣòfò.

A lọ sí ọ́fíìsì àwọn bróòkà tó ń bá èèyàn ra bọ́ǹdù, ní Festac. Àkáǹtì báǹkì tí èmi àti àbúrò mi jọ ní ni èlé máa wọ̀, torí nígbà tí ọkọ mi kú tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń wo ọwọ́ mi, àbúrò mi ni mo fi kún un. Mo buwọ́ lùwé pé kó máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórúkọ mi, láti rà àti láti tà. Nígbà tó kan nọ́ńbà fóònù tí álẹ́ẹ̀tì máa wọ̀, ọmọbìnrin tó ń dá wa lóhùn bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá n kò fẹ́ kí wọ́n kọ tèmi pẹ̀lú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i. Nílé tiwa, ọmọ ìyá kì í bi ọmọ ìyá ní ìṣirò. Tí o bá ní kí àbúrò rẹ ṣọ́ nǹkan fún ọ, tí o tún wá lọ ń ṣọ́ ọ, o ti pè é lólè nìyẹn, bàbá wa ìbá sì jí nínú ibojì. Mo ní kó kọ ti àbúrò mi nìkan. Àbúrò mi kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọdún àkọ́kọ́ dùn. Bí owó bá wọ àkáǹtì àpapọ̀ náà, á fi tèmi ránṣẹ́ sínú èyí tí mo ní káàdì rẹ̀. Owó náà kì í dọ́gba. Oṣù kan á sanra, oṣù kejì á rù, torí èlé àwọn bọ́ǹdù náà kò dọ́gba. Mo mọ àwọn oṣù tó sanra bí ẹni mọ ọjọ́ ọjà, inú wọn ni mo ti ń ra òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sílẹ̀ tí mo sì ń san owó iná. Nínú oṣù tó rù, mo ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́, ara mi sì le.

Nígbà tó pé bí ọdún kan, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Oṣooṣù, iye kan náà, láì yingin. Ó dùn mọ́ mi. Mo ní àbúrò mi ti rí i pé oṣù tó rù ń ni mí lára, ó ti bá mi tún un tò. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ Maruwa wá wo bí owó ṣe ń wọlé láì sí mẹ́káníìkì nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn kan jowú. Mo ti kọ́ ọmọ èèyàn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì mọ̀ pé bí ìwé ọmọ méjì bá bára mu délẹ̀, ẹnìkan ló jí wò. Kò wá sí mi lọ́kàn pé bí owó bọ́ǹdù méje bá dọ́gba ní gbogbo oṣù, kò lè jẹ́ bọ́ǹdù méje mọ́.

Nígbà náà ni nǹkan wá gbóná nílùú. Ẹ̀yin náà rí i. Gààrí di nǹkan ọlọ́lá, owó ọkọ̀ láti Okokomaiko dé Mile 2 ń yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́, rédíò sì ń sọ lójoojúmọ́ pé báǹkì àgbà ìjọba ti gbé èlé sókè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sunkún. Èmi ò sunkún. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ mi nídìí tánkì: bí èlé bá gòkè, ìpele tó bá pé ló máa lọ jẹ ẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ mi ti kù díẹ̀ kó pé. Mo pe àbúrò mi, mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó ń fi èlé dẹ́rù ba èèyàn lórí rédíò, wọn ò mọ̀ pé èmi ní àkàbà. Mo ní màá fi èyí tó pọ̀ ṣe orúnkún, màá fi ìyókù ra ọ̀kan nínú àwọn bọ́ǹdù tuntun tó ń san owó ńlá yìí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí mi."

Orúnkún náà ò fọkàn balẹ̀ ní tirẹ̀. Ó dé ibi tó jẹ́ pé láti yàrá dé ilé ìdáná, màá dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ìta lábẹ́ ìbòrí ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù. Dókítà mú ọjọ́ fún mi. Mo ra aṣọ tí màá wọ̀ ní hósípítù, mo ra tẹ́ẹ̀mọ́ọ̀sì omi gbígbóná tuntun. Oṣù tí ìpele àkọ́kọ́ máa pé wọlé, mo pe àbúrò mi. Ó ní tó bá di Monday. Monday kọjá, ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ló ṣe àwọn bróòkà bákan. Lẹ́yìn náà ó ní ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́rùn òun, kí n ṣe sùúrù. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Ọjọ́ dókítà kọjá, wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè mi.

Mi ò rò ó ní ibi o. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá, pé kò fẹ́ kí n mọ̀. Ohun tó mú mi wọ kẹ̀kẹ́ dé Okokomaiko, tí mo tún fi wọ ọkọ̀ lọ sí Festac, ni pé mo fẹ́ gba owó náà fúnra mi, kí n lè dín wàhálà rẹ̀ kù. Ẹ wo ọkàn ìyá.

Ọmọbìnrin ìjelòó náà ni mo bá níbẹ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó gbé àga fún mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó bi mí bóyá bùrọ̀dá ò tíì sọ fún mi. Mo ní kí ni bùrọ̀dá fẹ́ sọ. Ó ní, "Mọ́mì, kò sí bọ́ǹdù kankan tó ń pé lọ́dún yìí. Wọ́n ti ta méjèèje, ó ti pẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ńlẹ̀ báyìí, èyí tó gùn jù."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé owó ń wọlé ní oṣooṣù. Ó rọra ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni èyí ń san èlé, pé ó ń wọ àkáǹtì àpapọ̀ wa, ẹni tó bá ń fi ránṣẹ́ sí mi ní oṣooṣù ló ń dá a pín sí mẹ́fà. Mo bi í pé tí a bá tà á lónìí ńkọ́. Kò fẹ́ sọ iye náà sókè. Ó kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó sì gbójú kúrò. Mo wò ó. Ìdajì owó tí mo fi ogbó mi gbà ló kù, ó fi díẹ̀ lé. Mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kọ̀, òun ló wá gbé mi ní apá.

Mi ò lọ sílé. Mo forí lé ọ̀nà Ìjànìkín, níbi tí àbúrò mi ti ń kọ́ ilé. Mo bá a níbẹ̀. Ilé náà ti dé ìdí òrùlé, igi ń bẹ lórí rẹ̀, páànù ò sí. Ó rí mi tí mo ń tiro bọ̀, ó ti mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, òun tó jẹ́ pé àwọn ọmọ yunifásítì ń kúnlẹ̀ kí. Mi ò ní kó dìde.

Ohun tó sọ nìyí. Ó ní nígbà tó pé ọdún kan, gbogbo àmì ló ń fi hàn pé èlé máa já wálẹ̀. Òun mọ̀ ọ́n, òun kọ ọ́, òun kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun bẹ́ẹ̀. Bí èlé bá já, bọ́ǹdù ọdún gbọọrọ ló máa ń gbówó lórí jù. Ó ta gbogbo ìpele méjèèje, ó kó o sórí èyí tó gùn jù. Ó fẹ́ dúró kó gbówó lórí, kó tà á, kó tún àkàbà mi tò bó ṣe wà, kó fi èrè tó lé lórí rẹ̀ kan páànù. Ó ní n kò ní mọ̀ rárá, owó oṣù mi kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n èlé ò já, ó gòkè. Ó ní òun dúró pé yóò padà wálẹ̀, ó tún gòkè sí i. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òjò ló ba nǹkan jẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí mo kọ́ náà tà á. Bó bá jẹ́ òpè ló ṣe é, màá ní kò mọ̀. Ẹni tó gbé ọwọ́ lé igi àkàbà nílé mi tó sọ fún mi pé kí n má ṣe kó gbogbo owó mi sójú kan, òun náà ló lọ kó o sójú kan, tó tún ń ránṣẹ́ sí mi ní oṣooṣù kí n lè máa gbàdúrà fún un. Mo gbàdúrà fún un náà. Orí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ni mo kúnlẹ̀ lé.

Ó gbójú sókè láti orí iyanrìn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ gbọ́ mi. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù tí a ò bá tà á. Tí a bá dì í mú títí ọjọ́ tó máa pé, ojú owó yín á pé pérépéré."

Mo ní, "Ọdún wo ló máa pé?"

Ó dárúkọ ọdún náà wúyẹ́wúyẹ́. Mo kà á lórí ìka, mi ò sì ka èyí tó pọ̀ kí n tó mọ ibi tó ń lọ. Màá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá wa ò dé ọgọ́rin, bàbá wa ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo ní, "Ìwọ tí o mọ ìṣirò, ta lo rò pé ó máa wà níbẹ̀ gba owó náà?"

Ó dojú bolẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Bọ́ǹdù ìjọba tí èèyàn bá dì mú dópin, ojú owó rẹ̀ á pé. Èmi ni n kò ní lè pé dé ibẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo ń tiro lọ sí títì, ó ń tẹ̀ lé mi pé kí n jẹ́ kí òun gbé mi délé. Mo ní tó bá tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i, màá pariwo olè, àwọn ọlọ́kadà ìkóríta á sì bá mi gbọ́ ọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti pè mí láti Èkìtì. Àbúrò mi ti yára sunkún síbẹ̀. Bàbá àgbà náà fẹ́ràn mi, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ó ní owó ò ju ẹ̀jẹ̀ lọ, pé ọmọ náà kò na owó mi ní ìnákúnàá, ìrònú rẹ̀ ló kùnà, pé kí n má jẹ́ kí ilé ìwé rẹ̀ gbọ́, torí ìdílé ni yóò tì lójú. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ òsì wo lẹ fi fa èmi mọ́ra?" Ó ní ha, pé àgbàlagbà ni mí, pé àgbà ló ń gba ìyà jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kí àwọn ará ilé, mo pa fóònù. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe àgbà nínú ẹbí yẹn, kò tíì sẹ́nì kan tó bi mí pé báwo lẹsẹ̀.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Tí mo bá fi bọ́ǹdù gbọọrọ náà sílẹ̀, èlé rẹ̀ á ṣì máa wá, ṣùgbọ́n iye àtijọ́ ni, kò sì ní í sí ojú owó kankan tí màá rí lójú ayé mi. Tí mo bá tà á, ó ti lọ ní ìlàjì. Àwọn èèyàn ní kí n dúró, pé èlé á padà wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, bọ́ǹdù náà á tún gbówó lórí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ni àbúrò mi ń dúró dè tí n kò fi lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ ta tẹ́tẹ́ tí ẹlòmíràn bá mi bẹ̀rẹ̀.

Mo padà lọ sí Festac. Mo kọ́kọ́ lọ sí báǹkì, mo ṣí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ mi nìkan. Ní ọ̀dọ̀ àwọn bróòkà, mo fagi lé àṣẹ tí mo fún àbúrò mi, mo kọ nọ́ńbà fóònù tèmi. Ọmọbìnrin náà fara balẹ̀ bá mi sọ ọ́. Ó ní tí a bá ta èyí tó gùn, àdánù náà ti jókòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n torí pé èlé ti gòkè, owó tó bá kù á ra àwọn tuntun tó ń san dáadáa, owó oṣù mi kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ojú owó ló ti lọ, kò ní padà. Tí mo bá sì yọ owó orúnkún nínú rẹ̀ báyìí, owó oṣù á já débi tí n kò ní lè fi ra òògùn pé. Ó ní kí n mú ọ̀kan, owó oṣù tàbí orúnkún.

Mo ní kó tún àkàbà mìíràn tò fún mi, kúkúrú, mẹ́ta péré. Kí ìkíní tètè pé bó bá ṣe lè yá tó, kí n fi ṣe orúnkún, kí méjì tó kù máa bọ́ mi. Dókítà ti sọ pé kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ra ọ̀pá ní ọjà Ìyànà-Ìbà, òun ni mo ń tẹ̀ káàkiri.

Ọmọbìnrin náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ń bi mí, mò ń dáhùn. Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, ó dúró. Ó ní, "Mọ́mì, ẹni tó máa gba owó yìí lẹ́yìn yín, orúkọ bùrọ̀dá náà ló ṣì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣé ká fi í sílẹ̀?"

Bọ́ǹdù tí yóò pé nígbà tí mo bá ti wà nínú ilẹ̀, òun gan-an ni yóò lọ gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá ó rò ó nígbà tó ń rà á. Mi ò ní í mọ̀ láéláé, torí tí mo bá bi í, á sunkún, mi ò sì ní mọ irú ẹkún tó jẹ́. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó ju owó lọ, ó ju ẹsẹ̀ lọ. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò.

Ó yọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà, ó ń wò mí. "Ta ni ká wá fi síbẹ̀, mà?"

Mo rò ó dé Èkìtì, mo rò ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ mi tó ń wo ilé mi bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Mo rò ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo. Ó rọra sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ò ní jẹ́ kí àwọn kọjá tí ibẹ̀ bá ṣófo, pé kò sí ohun tí àwọn lè rà fún mi láì sí orúkọ níbẹ̀. Ó ní kí n má kánjú. Ó lọ bu omi tútù wá fún mi, mo mu ún, ó padà jókòó.

Nígbà tó yá, mo ní kó dá orúkọ àbúrò mi padà síbẹ̀.